Orí Kẹfà: Ìgòkè Tí Ó Ń Gbé Olùgbọ́ Wọ Inú Ègbè

Ohun tí a ó kọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

1. ṣàlàyé iṣẹ́ tí ìgòkè ń ṣe láàárín ẹsẹ àti ègbè;
2. fi ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá gbé orin sókè láìba ìtumọ̀ jẹ́;
3. kọ ìgòkè báà mẹ́rin tí kò jí ohunkóhun gbé lára ègbè;
4. yẹ ìgòkè tirẹ̀ wò, kí ó sì mọ ibi tí ó ti kùnà.

6.1 Kí ni ìgòkè?

Lílé àti ègbè ni ìpìlẹ̀ orin wa. Bí Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà Abẹ́òkúta tí ó kú ní 1980, bá lé orin, àwọn elégbè rẹ̀ a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ègbè kì í jìnnà sí lílé, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi kọ ìlà pàtàkì kan láti múra olùgbọ́ sílẹ̀ dè é.

Orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ní sítúdíò lónìí gba ọ̀nà mìíràn. Ẹsẹ rẹ̀ a máa gùn tó báà mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún kí ègbè tó dé. Báà kan ni lílù mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wa ń kà bí a bá ń jó. Láàárín àkókò gígùn yẹn, ìtàn ni olórin ń sọ, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Bí ó bá ti inú ìtàn bẹ́ẹ̀ fò wọ inú ègbè lẹ́ẹ̀kan náà, ègbè náà lè dún bí ìlà mìíràn nínú ẹsẹ. Nítorí náà ni àwọn olórin fi ń ki ìlà díẹ̀ sáàárín, tí àwọn ará sítúdíò ń pè ní pírí-kọ́rọ́ọ̀sì. Nínú ìwé yìí, ìgòkè ni a ó máa pè é.

Báà mẹ́rin ni ìgòkè sábà máa ń jẹ́, nígbà mìíràn báà mẹ́jọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ní: kí ó mú kí etí olùgbọ́ máa béèrè ohun kan tí ègbè nìkan lè fún un. Bí ìgòkè bá ti fún un ní ohun náà ṣáájú, ègbè dé bá àwo òfo.

6.2 Ohun tí orin Ẹ̀gbá kọ́ wa

Gbogbo ọmọ ilé-ìwé l'Abẹ́òkúta ló mọ orin Ẹ̀gbá. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ sì fetí sí bí ó ṣe pín. Apá àkọ́kọ́ sọ nípa ilẹ̀: òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibi tí a bí olórin sí, tí a sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ìtàn ni. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ yí padà. Olórin kò ròyìn ilẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ni ó ń sọ, ohun tí òun yóò ṣe ni ó sì ń ṣèlérí. Lẹ́yìn ìlérí yìí ni gbogbo ẹnu ń pàdé nínú ìyọ̀ tí ó parí orin.

Yíyí láti inú ìròyìn bọ́ sínú ìlérí yìí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa ìgòkè. Ẹsẹ ń sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìgòkè ń sọ ohun tí ọkàn fẹ́ tàbí tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ègbè ni ó ń dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kejì. Apá àárín yẹn ti dárúkọ Olúmọ, ó sì ti sọ̀rọ̀ ayọ̀, kí apá ìkẹyìn tó tún méjèèjì sọ. Kò sí àléébù nínú èyí fún orin ìlú, nítorí pé orin ìlú fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọdé àti àgbà lọ́kàn, àtúnsọ sì ni ọ̀nà tí ó yá jùlọ. Orin ìfẹ́ tàbí orin ijó yàtọ̀. Ohun tí ó ń ta á ni ìfojúsọ́nà, bí a bá sì ti dárúkọ ohun tí à ń retí, a kò retí rẹ̀ mọ́.

6.3 Ohun mẹ́ta tí à ń fi pamọ́ fún ègbè

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìgòkè, kí ó kọ ègbè tán ná. Kí ó wá yọ ohun mẹ́ta kúrò lára ègbè náà, kí ó sì fi òfin de ìgòkè pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Èkíní ni nóòtì tí ó ga jùlọ. Bí dó òkè bá ni orí ègbè, tì ni ibi tí ìgòkè gbọ́dọ̀ ga dé. Tì súnmọ́ dó tó bẹ́ẹ̀ tí etí fi ń fẹ́ kí ó parí ìrìn náà, kò sì tíì parí rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí orúkọ orin wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn yóò máa pariwo níbi àríyá. Ẹnu olórin kò gbọ́dọ̀ pè é nínú ìgòkè, ì báà ṣe ìdajì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kọ́ọ̀dù ilé, ìyẹn kọ́ọ̀dù tí a kọ́ sórí dò. Kọ́ọ̀dù yìí ni etí ń sinmi lé. Bí ìgòkè bá ń padà sórí rẹ̀, olùgbọ́ ti sinmi kí ègbè tó dé. Ẹ lo kọ́ọ̀dù orí rè àti ti orí fà, kí ẹ sì parí ìgòkè sórí kọ́ọ̀dù sò, nítorí pé tì wà nínú kọ́ọ̀dù sò.

6.4 Ohùn ọ̀rọ̀ ni àtẹ̀gùn wa

Ẹni tí ó ń kọ orin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ọ̀rọ̀ èyíkéyìí sókè bí ó ti wù ú. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi ohùn orin òyìnbó kọ wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló pàdánù ìtumọ̀ lẹ́nu àwọn ìjọ, nítorí pé ohùn orin ń gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn tó ń fi ohùn ìlú kọ orin ìsìn, bíi Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti (1855–1930), fi wọ àwọn Ẹ̀gbá lára: orin wọn ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀.

Ìṣòro tí èyí dá sílẹ̀ fún ìgòkè hàn gbangba. A fẹ́ kí orin máa gòkè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ní ohùn tirẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a yan ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn ń gòkè fúnra wọn. Kí ìlà àkọ́kọ́ parí sí ohùn ìsàlẹ̀, ìkejì sí ohùn àárín, ìkẹta àti ìkẹrin sí ohùn òkè. Nígbà náà, bí ẹni tí kò mọ nóòtì kankan bá kàn ka ìgòkè náà sókè, etí yóò gbọ́ pé ohun kan ń gòkè.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Bí gbólóhùn Yorùbá bá ń gùn, ohùn òkè tí ó wà lẹ́yìn ohùn ìsàlẹ̀ kì í ga tó èyí tí ó ṣáájú. Ẹ sọ èyí ní ẹ̀mí kan, láìkọ ọ́ lórin: "Ó rà á, ó tà á, ó sá." Ẹ ó gbọ́ pé "sá" tí ó kẹ́yìn kò ga tó "ó" àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ohùn òkè ni méjèèjì. Ìlà gígùn ń rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ìlà ìgòkè kúrú, kí olórin mí láàárín wọn, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ lókè ibi tí èyí tó ṣáájú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí tuntun ni ó ń fún wa láyè láti gbé ohùn padà sókè.

6.5 Àpẹẹrẹ: obìnrin aláró ní Ìtòkú

Ẹ jẹ́ kí a kọ orin kan pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ń pa aró àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú. Olólùfẹ́ rẹ̀ wà l'Ékòó. Ó fẹ́ kí ó wá pàdé òun ní Olúmọ. Ìyára orin náà jẹ́ lílù 100 ní ìṣẹ́jú kan.

Ègbè ni a kọ́kọ́ kọ:

> Wá rí mi l'Ólúmọ,
> Àárò rẹ ń sọ mí.

Ìlà àkọ́kọ́ ni ó gbé orúkọ orin. Ohùn rẹ̀ ni òkè, òkè, àárín, òkè, òkè, àárín. A fi dó òkè fún gbogbo ohùn òkè, a sì fi sò fún ohùn àárín: d' d' s d' d' s. Lórí kọ́ọ̀dù dò ni ó wà. Ohun mẹ́ta tí a fi pamọ́ ti di mímọ̀: nóòtì dó òkè, ọ̀rọ̀ "wá rí mi" pẹ̀lú orúkọ Olúmọ, àti kọ́ọ̀dù dò.

Ẹsẹ ni ó tẹ̀lé e:

> Ọjà Ìtòkú ni mo wà,
> Aró ti kún ọwọ́ mi,
> Ọkọ̀ Èkó kọjá lọ,
> Mi ò rí ẹ nínú wọn.

Nóòtì mẹ́ta péré ni a lò: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, rè fún àárín, mì fún òkè. Ìlà àkọ́kọ́ wá jẹ́ r d d d m r r d. Ìlà kọ̀ọ̀kan gba báà méjì, nítorí náà ẹsẹ jẹ́ báà mẹ́jọ, èyí tí ó tó ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlógún àti díẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó wà nílẹ̀. Ibi tí ẹsẹ bá ti lo gbogbo àyè òkè tán, ìgòkè kò ní ibi tí yóò gùn.

Ìgòkè wá kàn. A ní báà mẹ́rin, ìyẹn lílù mẹ́rìndínlógún, kò sì pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ẹsẹ lo báà méjì fún ìlà kan. Ìgòkè yóò lo báà kan ṣoṣo. Olórin yóò máa mí lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ó ti ń mí lẹ́ẹ̀kan, olùgbọ́ yóò sì rò pé orin ti yára, bẹ́ẹ̀ ìyára kò yí padà rárá.

> Mo w'ọ̀nà (m r r), kọ́ọ̀dù rè
> Mo jáde (f s f), kọ́ọ̀dù fà
> Mo sáré (s l l), kọ́ọ̀dù rè
> Bí o bá gbọ́… (l s l t), kọ́ọ̀dù sò

Ẹ wo ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀nà" parí sí ohùn ìsàlẹ̀, "jáde" sí àárín, "sáré" sí òkè, "gbọ́" sí òkè. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ wọn: mì, fà, sò, là. Ìlà kọ̀ọ̀kan fi ìgbésẹ̀ kan ga ju èyí tó ṣáájú lọ, síbẹ̀ kò sí ohùn ọ̀rọ̀ kan tí a dà rú. Ara obìnrin náà pàápàá ń rìn pẹ̀lú orin: ó kọ́kọ́ dúró wo ọ̀nà, ó jáde, ó sáré.

Ìlà kẹta kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ kọ ọ́. "Mo gun ọkọ̀" ni ó wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jẹ́ àárín, àárín, àárín, ìsàlẹ̀. Ibi tí a fẹ́ gòkè gan-an ni ó ti ń já sílẹ̀. Bí a bá fi agbára gbé "ọkọ̀" sókè, a ti sọ ọ́ di ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko. Ọ̀rọ̀ ni a pààrọ̀, a kò pààrọ̀ orin.

Ìlà kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jùlọ. "Bí o bá gbọ́" kì í ṣe gbólóhùn tó parí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá, bí ó bá ti gbọ́ "bí… bá", yóò máa retí apá kejì. Apá kejì náà ni ègbè: "Wá rí mi l'Ólúmọ." Ọ̀rọ̀ ń retí ìparí, tì ń retí dó, kọ́ọ̀dù sò ń retí kọ́ọ̀dù dò. Ohun mẹ́ta ń retí lẹ́ẹ̀kan náà, ègbè sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn lórí ọ̀rọ̀ "wá". Àwọn gbólóhùn mìíràn tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí ni èyí tí a fi "kí… tó" kọ, bíi "kí ilẹ̀ tó ṣú", tàbí "ìgbà tí mo bá dé".

Ìlù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú ẹsẹ, béèsì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń lọ pọ̀. Nínú ìgòkè, ẹ dá béèsì dúró, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa lọ, kí dùndún sì bẹ̀rẹ̀ láti báà kẹta. Ẹ jẹ́ kí "gbọ́" parí lórí lílù kẹta báà kẹrin, kí gbogbo ohun èlò dákẹ́ ní lílù kẹrin. Béèsì yóò padà wọlé pẹ̀lú "wá". Ara olùgbọ́ yóò mọ ìyàtọ̀ náà bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó fà á.

6.6 Àwọn àṣìṣe àti bí a ṣe ń dá wọn mọ̀

*Ìgòkè tó jọ ègbè.* Ẹ kọ ìgòkè àti ègbè ní àkọpọ̀, kí ẹ fi "là" rọ́pò gbogbo ọ̀rọ̀. Kí ẹ ní kí ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí nawọ́ sókè níbi tí ó rò pé ègbè ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá nawọ́ nínú ìgòkè, ẹ yẹ nóòtì tó ga jùlọ wò. Ó ṣeé ṣe kí ìgòkè ti dé dó òkè. Bí nóòtì bá dára, ẹ wo gígùn ọ̀rọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀rọ̀ ìgòkè kúrú, ti ègbè sì ń fà. Bí méjèèjì bá ń fà bákan náà, wọn yóò jọra.

*Ìgòkè tó ga ju ègbè lọ.* Èyí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ní ohùn dáadáa. Wọ́n á pariwo nínú ìgòkè débi pé ègbè yóò dún bí ẹni tó ti rẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kí a gbé ẹsẹ àti ìgòkè wálẹ̀. Bí a bá kàn gbé ègbè sókè, ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò máa gbè é kò ní lè bá a dé ibẹ̀.

*Ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ dàrú.* Ẹ kọ orin náà fún ẹni tí kò rí ìwé, kí ẹ ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́. Nínú ẹsẹ wa, r d d m ni "ọkọ̀ Èkó". Bí olórin bá fi r r d m kọ ọ́, ohun tí olùgbọ́ yóò gbọ́ ni pé ọkọ kan láti Èkó kọjá lọ. Nínú orin obìnrin tí ó ń retí olólùfẹ́, ìtàn mìíràn pátápátá nìyẹn.

*Ìgòkè tí kò bá ẹsẹ kejì mu.* Ẹsẹ a máa yí padà, ìgòkè kì í sábà yí. Bí ẹsẹ kejì bá sọ pé olólùfẹ́ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, "mo w'ọ̀nà" kò bá a mu mọ́. Ẹ fi ìgòkè sẹ́yìn gbogbo ẹsẹ, kí ẹ kà á bí ìtàn, kí ẹ tó wọ sítúdíò.

6.7 Ìgbà tí kò yẹ kí a lò ó

Bí ègbè bá ń dá lílé lóhùn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bíi ti àpàlà, ìgòkè yóò kàn dí ìjíròrò náà lọ́wọ́ ni. Bí ẹsẹ bá kúrú tó báà mẹ́rin, olùgbọ́ kò tíì ní ohun tí yóò sú u. Bí orin bá sì ti dé ègbè kẹta, ẹ lè ti inú ẹsẹ bọ́ sínú ègbè tààrà, nítorí pé olùgbọ́ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kọ ohùn ọ̀rọ̀ (òkè, àárín, ìsàlẹ̀) sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan nínú ẹsẹ "Ọjà Ìtòkú". Fi dò, rè àti mì kọ ìlà kejì, ìkẹta àti ìkẹrin.
2. Wá gbólóhùn mẹ́ta mìíràn tí ó ní sílébù mẹ́ta, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo". Kí èkíní parí sí ohùn ìsàlẹ̀, èkejì sí àárín, ẹ̀kẹta sí òkè. Kí wọ́n sọ ìtàn kan ṣoṣo.
3. Fi "kí… tó" kọ ìlà kẹrin mìíràn fún ìgòkè wa. Kí ègbè parí gbólóhùn náà.
4. Yan orin kan tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Kọ nóòtì tó ga jùlọ nínú ègbè rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó gbé orúkọ orin. Bí o bá rí ọ̀kan nínú wọn nínú ìgòkè rẹ, yọ ọ́, kí o sì tún ìlà náà kọ.

Ka ìgòkè rẹ sókè bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kí o tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá gòkè lẹ́nu, kọ́ọ̀dù kankan kò ní gbé e gòkè. Padà lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.